Ìbẹ̀rẹ̀ Kọ́ Ni Oníṣẹ́: Iṣẹ́ Òru Tí Iná Dá Dúró Lórí Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà fi kún owó tí àwọn oníbàárà ìsọ̀rí kìíní, èyí tí tèwe tàgbà mọ̀ sí Báǹdì A, ń san. Ìlérí tí ó bá ẹ̀kúnwó náà rìn ni pé irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ yóò máa rí iná fún ogún wákàtí, ó kéré tán, lójoojúmọ́. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí bóyá ìlérí náà ń ṣẹ tàbí kò ṣẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ gbà pé ó ń ṣẹ láìyẹ̀, wákàtí mẹ́rin ṣì kù tí kò sí nínú àdéhùn, kò sì sí ẹni tí ó sọ wákàtí mẹ́rin tí í ṣe. Fún ẹni tí ó sùn, bí iná bá lọ ní aago kan òru, ooru lásán ni. Fún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí a ti fún ní iṣẹ́ tí yóò ṣe ní aago kan òru, ọ̀rọ̀ owó àwọn ènìyàn ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ kan: ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣòwò ní Ìbàdàn. Yàrá méjì ni ọ́fíìsì náà. Ní igun yàrá kejì ni kọ̀ǹpútà kan wà tí kò ní ojú ìwòran, tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní sáfà. Ínfátà oníbátìrì méjì ni ó ń gbé e ró nígbà tí iná kò bá sí, ṣùgbọ́n bí iná bá ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, àwọn bátìrì náà kì í rí ọ̀gànjọ́ òru kọjá. Kò sí ẹni tí ń tan jẹnẹrétọ̀ fún yàrá tí ènìyàn kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, sáfà náà máa ń kú, ó sì máa ń jí, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Iṣẹ́ méjì ni wọ́n fún un láti máa ṣe lóru. Ní aago kan, yóò kó gbogbo owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ san ní ọjọ́ tí ó kọjá, yóò sì kọ ọ́ sí abẹ́ orúkọ oníkálukú nínú ìwé owó. Ní aago méjì, yóò ṣe ẹ̀dà ìwé owó náà, yóò sì fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn ní òkè òkun láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó má bàa jẹ́ pé bí olè bá gbé sáfà lọ, ó gbé ìwé owó lọ pẹ̀lú.

Ètò tí ó ń pe iṣẹ́ méjèèjì nígbà tí àkókò wọn bá tó ni `cron`, èyí tí ó ti wà láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́, tí a sì ń rí lórí ọ̀pọ̀ sáfà. A lè fi í wé alágogo tí ń wo aago ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí aago bá lù kan, yóò wo ìwé rẹ̀, yóò sì pe iṣẹ́ tí a kọ sí aago kan. Bí ó bá jẹ́ pé alágogo sùn nígbà tí aago lù kan, tí ó wá jí ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ku ogún ìṣẹ́jú, kò ní bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó kọjá lójú oorun. Yóò kàn máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ìṣẹ́jú tí ó bá jí.

Ohun tí ó mú kí èyí léwu ni pé kò ní ariwo nínú. Iṣẹ́ tí ó kùnà máa ń fi ọ̀rọ̀ àṣìṣe sílẹ̀ nínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí a kò pè rárá kò ní ẹnu tí yóò fi sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ náà wo ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ fún odidi oṣù kan, kò rí àṣìṣe kankan, ó sì gbà pé àlàáfíà ni. Àṣẹ `journalctl --list-boots` ni ó la ojú rẹ̀. Àṣẹ yìí máa ń to gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà jí àti ìgbà tí ó kú sí ìsàlẹ̀ ara wọn. Nígbà tí ó fi àtòjọ náà wé aago kan òru, ó rí i pé òru mẹ́ta nínú méje ni sáfà náà ti kú nígbà tí iṣẹ́ yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ yóò ṣe. Ó kúrò lọ́dọ̀ `cron`, ó sì lo aago tí ó wà nínú `systemd`, ètò tí ń darí jíjí àti sísùn ọ̀pọ̀ sáfà òde òní. Ìlà mẹ́ta péré ni ó kọ:

```
[Timer]
OnCalendar=*-*-* 01:00:00
Persistent=true
```

Ìlà kẹta ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà. Ó sọ fún aago pé kí ó máa fi àmì sílẹ̀ lórí dísìkì nígbàkúùgbà tí ó bá pe iṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá jí, yóò wo àmì náà. Bí aago kan òru bá ti kọjá láti ìgbà tí àmì náà ti wà níbẹ̀, yóò mọ̀ pé òun jẹ gbèsè ìpè kan, yóò sì pe iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí iná bá lọ ní ọ̀gànjọ́ tí ó sì dé ní àárọ̀, ìwé owó ti máa ń pé kí akápò tó jókòó.

Gbogbo nǹkan lọ dáadáa títí di òru Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún ọdún 2025. Iná wà ní aago kan òru ọjọ́ náà. Aago pe iṣẹ́, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ 186 ni wọ́n san owó ní Ọjọ́rú, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,412,000. Iṣẹ́ náà kì í yára lórí ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn, nítorí pé ó ń ṣe ìṣirò gbèsè àti èlé oníkálukú bí ó ti ń kọ owó rẹ̀ sílẹ̀. Ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, iná lọ, bátìrì tí kò tíì kún kò sì lè gbé e. Owó ènìyàn 119 ni ó ti wọ ìwé. Ti àwọn 67 yòókù kò tíì wọ̀ ọ́.

Nígbà tí iná dé ní àárọ̀, sáfà jí, aago wo àmì rẹ̀. Àmì náà sọ pé a ti pe iṣẹ́ ní aago kan òru òní. Kò sí gbèsè. Kò pe ohunkóhun.

Ìhín gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ yìí wà. Àmì tí `Persistent=true` ń fi sílẹ̀ kò jẹ́rìí sí i pé iṣẹ́ parí. Ohun tí ó jẹ́rìí sí ni pé a pe iṣẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, à fi ẹni tí ó bá fi orí tì í dé òpin. Ṣùgbọ́n lójú aago yìí, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà lo àṣẹ `systemctl list-timers` láti yẹ̀ ẹ́ wò. Lábẹ́ `LAST`, ó rí aago kan òru. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Akápò ni kò fọkàn balẹ̀, nítorí ìyá aláṣọ kan dúró níwájú rẹ̀ tí ó ní òun san ẹgbàárùn-ún náírà ní àná, tí kò sì sí nínú ìwé.

“Ẹ dákun mà,” ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí, “iná ló dá iṣẹ́ dúró lóru. Mo fẹ́ tún un pè báyìí, kò ní pẹ́.”

Ó tún un pè lóòótọ́. Iṣẹ́ náà kò mọ̀ pé òun ti ṣe apá kan tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́, ó sì kọ owó gbogbo ènìyàn 186. Owó ìyá aláṣọ wọlé. Ṣùgbọ́n owó àwọn 119 tí ti wọn ti wọlé lóru tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí akápò ro àpapọ̀ Ọjọ́rú, ₦2,305,500 ni ó rí, bẹ́ẹ̀ sì ni owó tí ó wà nínú àpótí irin kò ju ₦1,412,000 lọ. Akápò pè é padà.

“Ìwọ ọmọ yìí, níbo ni mo ti fẹ́ rí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 893 àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà tí ìwé rẹ sọ pé ó wà lọ́wọ́ mi?”

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ohun tí ìwé bá sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ ní ni a ń fi wọn iye tí ó lè yá. Bí ẹni mélòó kan bá yá owó lórí iye tí ó lé méjì kí a tó rí àṣìṣe náà, owó ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ni wọ́n yá. Bí a bá sì yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láìṣàlàyé, àwọn oníṣòwò yóò sọ pé akápò jalè. Ọjọ́ méjì ni àwọn méjèèjì fi jókòó ti ìwé ìgbowó aláfọwọ́kọ kí wọ́n tó yọ ohun tí ó lé kúrò, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú èyí ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lè lo ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ láti mọ̀ ọ́n. Fún iṣẹ́ `Type=oneshot` tí a fi `systemd` pè, a máa ń rí ọ̀rọ̀ méjì: `Starting` nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, àti `Finished` nígbà tí ó parí. Bí a bá bèèrè ìtàn ìgbà tí kọ̀ǹpútà wà láàyè kẹ́yìn, kí ó tó kú, pẹ̀lú àṣẹ `journalctl -b -1 -u kojo.service`, tí a rí `Starting` tí a kò rí `Finished`, a jẹ́ pé iná ká iṣẹ́ náà mọ́ ẹnu rẹ̀ ni. Kí ẹni tí ń wò ó má ṣe gbàgbé pé ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ kì í kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sórí dísìkì lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó ṣáájú ìlọ iná lè má sí níbẹ̀ rárá.

Ètò mìíràn wà, `anacron`, tí ó sàn jù nípa èyí, nítorí pé ẹ̀yìn tí iṣẹ́ bá dúró ni ó máa ń kọ ọjọ́ sílẹ̀. Bí iná bá pa á lágbedeméjì, kò ní rí ọjọ́ kọ, yóò sì tún iṣẹ́ pè. Ṣùgbọ́n kì í béèrè bóyá iṣẹ́ náà yọrí sí rere kí ó tó kọ ọjọ́ rẹ̀. Àti pé bí ó bá tún iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí pè, ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀: owó àwọn 119 yóò di méjì. Ẹni tí ń pe iṣẹ́ kò lè wo àìsàn tí ó wà nínú iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, ibòmíràn ni àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Dípò kí aago máa rántí ohun tí ó pè, ìwé owó ni kí ó máa rántí ohun tí ó ti wọ inú rẹ̀. Inú àpótí dátà `PostgreSQL` ni ẹgbẹ́ náà kọ ìwé owó rẹ̀ sí, ètò yìí sì ní agbára kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tíì lò: ó lè di iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀ sínú ìdì kan ṣoṣo, kí gbogbo rẹ̀ wọlé pọ̀, tàbí kí ọ̀kankan má wọlé. Ó ṣe ìwé kékeré kan sínú àpótí náà, ó pè é ní `ojo_pari`, ó sì pa á láṣẹ pé ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn èyí, ó kọ iṣẹ́ òru náà báyìí:

```
BEGIN;
INSERT INTO ojo_pari (ojo) VALUES ('2025-05-14');
INSERT INTO iwe_owo (nomba, ojo, iye)
  SELECT nomba, ojo, iye FROM owo_ojo
  WHERE ojo = '2025-05-14';
COMMIT;
```

Láti `BEGIN` dé `COMMIT` ni ìdì náà. Ìlà kejì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé àwọn ọjọ́ tí ó ti parí. Àwọn ìlà tí ó tẹ̀ lé e kó owó ọjọ́ náà láti inú ìwé ìgbowó lọ sínú ìwé owó. Bí iná bá lọ kí ó tó dé `COMMIT`, nígbà tí sáfà bá jí, `PostgreSQL` yóò da gbogbo rẹ̀ nù bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí: owó ẹnikẹ́ni kò wọlé, ọjọ́ náà kò sì sí nínú `ojo_pari`. Bí ó bá ti kọjá `COMMIT`, owó gbogbo ènìyàn wà níbẹ̀, ọjọ́ náà sì wà níbẹ̀. Kò sí àárín. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi ọwọ́ tún iṣẹ́ náà pè, ìlà kejì yóò kọ̀, nítorí pé ọjọ́ náà ti wà nínú ìwé, kíkọ̀ rẹ̀ yóò sì ba gbogbo ìdì náà jẹ́. Owó kò lè di méjì mọ́, ìbáà jẹ́ iná ni ó lọ, ìbáà jẹ́ ènìyàn ni ó kánjú. Ìṣirò èlé tí ń fa iṣẹ́ gùn ni ó yà sọ́tọ̀, tí ó sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ìyẹn kò lè ba owó jẹ́ bí a bá tún un ṣe.

Níwọ̀n ìgbà tí ìwé owó ti mọ ọjọ́ tí ó parí, aago kò nílò láti gbọ́n mọ́. Tẹ́lẹ̀, ìbéèrè tí sáfà ń bi ara rẹ̀ ni pé, “Ǹjẹ́ aago kan òru ti lù?” Ìbéèrè tuntun ni pé, “Ọjọ́ wo ni a kò tíì parí?” Àṣẹ kúkúrú yìí ni ó ń béèrè rẹ̀:

```
SELECT DISTINCT ojo FROM owo_ojo
 WHERE ojo < CURRENT_DATE
   AND ojo NOT IN (SELECT ojo FROM ojo_pari)
 ORDER BY ojo;
```

Ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ́ ọjọ́ kan, ó lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì lè jẹ́ òfo. Iṣẹ́ náà yóò mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tí ó pẹ́ jù. Èyí wo àléébù mìíràn sàn tí `Persistent=true` ní: bí iná kò bá sí fún òru mẹ́ta léraléra, ẹ̀ẹ̀kan péré ni aago náà ń pe iṣẹ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá jí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ tí ó mọ owó àná nìkan yóò fi owó ìjẹta sílẹ̀ láìkọ. Nígbà tí ìdáhùn bá jẹ́ òfo, iṣẹ́ náà kò ní ohun tí yóò ṣe, yóò sì lọ sinmi. Nítorí náà, kò sí ewu nínú pípè é nígbà púpọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yí aago padà, kí ó máa pe iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí sáfà bá jí, àti ní wákàtí kan lẹ́yìn ìgbàkúùgbà tí iṣẹ́ bá parí:

```
[Timer]
OnBootSec=5min
OnUnitInactiveSec=1h
```

Ohun kan ni akápò ní láti gbà kí èyí tó lè dúró: ọjọ́ tí a bá ti dí, a ti dí i. Bí akọ̀wé bá rántí pé òun gbàgbé láti kọ owó kan ní àná, kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ àná kọ ọ́ mọ́, nítorí pé iṣẹ́ kò ní padà síbẹ̀. Ọjọ́ òní ni yóò fi kọ ọ́, yóò sì ṣe àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó ku ẹ̀dà ìwé owó tí ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íńtánẹ́ẹ̀tì tí ó gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá bàjẹ́ lẹ́bàá Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ báńkì àti ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà sì bá ìdíwọ́ pàdé. Ìdádúró ọ́fíìsì kékeré kì í sábà tóbi tó bẹ́ẹ̀; lọ́pọ̀ ìgbà, mòdẹ́ẹ̀mù ni kò tíì jí tán nígbà tí sáfà ti jí. `systemd` ní àmì kan tí a ń pè ní `network-online.target`, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ní kí iṣẹ́ wọn dúró dè. Ṣùgbọ́n ohun tí àmì náà ń sọ kò ju pé ọ̀nà láti ara sáfà jáde ti ṣí. Kò mọ̀ bóyá mòdẹ́ẹ̀mù ti bá ayé òde sọ̀rọ̀.

Ọgbọ́n tí ó ṣiṣẹ́ fún ìwé owó ni ó ṣiṣẹ́ fún ẹ̀dà pẹ̀lú. Wọn kò bi sáfà bóyá íńtánẹ́ẹ̀tì wà. Wọ́n ya ṣíṣe ẹ̀dà sọ́tọ̀ kúrò lára fífi ránṣẹ́, wọ́n sì fi fódà kan sí àárín méjèèjì. Ṣíṣe ẹ̀dà kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì:

```
pg_dump -Fc -f dida/apakan owo &&
  sync dida/apakan &&
  mv dida/apakan fifiranse/2025-05-14.dump
```

Orúkọ mìíràn ni fáìlì náà ń jẹ́ nígbà tí a ń ṣe é lọ́wọ́. Ìlà kejì fi dandan lé e pé kí dísìkì gbé gbogbo rẹ̀ mì kí a tó yí orúkọ rẹ̀ padà. Nítorí náà, ohunkóhun tí ó bá wà nínú fódà `fifiranse` ti pé. Bí iná bá lọ lágbedeméjì, `apakan` ni yóò kú sínú `dida`, a ó sì kọ òmíràn lé e lórí. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ kejì yóò gbìyànjú láti kó ohun tí ó wà nínú fódà náà lọ:

```
rsync -a --partial-dir=.apakan --timeout=60 \
  --remove-source-files fifiranse/ ode:ipamo/
```

Bí ìsopọ̀ bá já, èyí tí ó ti lọ yóò dúró sínú `.apakan` ní òdìkejì, kí ìgbìyànjú tí ó tẹ̀ lé e lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí èyí já sí, kí fáìlì aláàbọ̀ má sì jẹ́ orúkọ fáìlì tí ó pé. Kìkì fáìlì tí ó bá gúnlẹ̀ ní pípé ni a ń yọ kúrò ní ìhín. Iye fáìlì tí ó kù nínú `fifiranse` wá di òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀: bí ó bá jẹ́ òfo, ohun gbogbo ti lọ, bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, íńtánẹ́ẹ̀tì ti dá wa lóró fún ọjọ́ mẹ́rin.

Gbogbo èyí gbójú lé aago inú sáfà láti mọ ọjọ́ òní. Nígbà tí iná kò bá sí rárá, bátìrì róbótó kan bíi kọ́ìnì, tí a ń pè ní CR2032, ni ó ń gbé aago náà ró. Lórí ẹ̀rọ tí ó ti dàgbà, ó ti lè kú, sáfà tí ó bá sì sùn ní Ọjọ́ Ẹtì lè jí ní Ọjọ́ Ajé kí ó sì rò pé Ọjọ́ Ẹtì ni, títí tí yóò fi rí íńtánẹ́ẹ̀tì tí yóò tún aago rẹ̀ ṣe. Owó Ọjọ́ Ajé tí àwọn akọ̀wé bá gbà ní àkókò náà yóò wọ abẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n pààrọ̀ bátìrì náà, èyí tí kò gbówó lórí. Wọ́n sì ní kí iṣẹ́ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ `timedatectl show -p NTPSynchronized --value`. Bí ìdáhùn bá jẹ́ `no`, kí ó dúró di wákàtí tí ó ń bọ̀. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì kò bá wá sí fún ọjọ́ mẹ́ta, ìwé owó náà yóò dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, àfi bí akápò bá wo kàlẹ́ńdà ara ògiri tí ó sì fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Kí ìwé pẹ́ sàn ju kí ó purọ́ lọ.

Kí wọ́n tó gbà pé àtúnṣe náà dúró, wọ́n dán an wò lórí ẹ̀dà ìwé owó, sórí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà mìíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fa wáyà iná rẹ̀ yọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ó tún un tàn, akápò sì ro àpapọ̀. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n ṣe é, ní ìṣẹ́jú tí ó yàtọ̀ síra. ₦1,412,000 ni ó jáde ní gbogbo ìgbà. Láti ìgbà náà, ohun méjì ni akápò ń kọ́kọ́ rí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní àárọ̀: ọjọ́ tí ó parí kẹ́yìn, àti iye fáìlì tí ń dúró de íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ọjọ́ náà kò bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ tí ó kọjá, kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó títí tí yóò fi rí i.

Ibì kan wà tí ìdì `PostgreSQL` kò lè dé, àwọn tí ń ronú láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ kún iṣẹ́ òru wọn sì gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Owó tí ó wọ ìwé ṣe é dá padà bí ìdì náà kò bá pé. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó ti dé orí fóònù ọmọ ẹgbẹ́ kò ṣe é pè padà. Ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Bí sáfà bá ránṣẹ́ tán, tí iná sì lọ kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti ránṣẹ́, kò ní mọ̀ nígbà tí ó bá jí. Bí ó bá kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó ránṣẹ́, iná lè lọ láàárín méjèèjì, iṣẹ́ náà kò sì ní lọ láéláé. Kò sí ìlà àṣẹ tí ó lè mú ìyàn yìí kúrò. Fún àtẹ̀jíṣẹ́ tí ń sọ iye tí ènìyàn ní, ẹgbẹ́ náà yàn láti ránṣẹ́ kí ó tó kọ, nítorí pé kí ìyá aláṣọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì kò pa á lára. Fún owó tí ń kúrò nínú báńkì ẹgbẹ́ lọ sí báńkì ẹlòmíràn, òdìkejì ni wọ́n yàn: sáfà yóò kọ ọ́ sílẹ̀ ná pé òun fẹ́ san án, bí iná bá sì lọ lẹ́yìn èyí, kò ní tún un san. Yóò gbé e síwájú akápò ní àárọ̀, kí akápò fi ojú ara rẹ̀ wo ìwé báńkì bóyá owó náà ti lọ tàbí kò tíì lọ.